Bí mo ṣe wá ojútùú sí aṣọ tí oníbàárà kì í wá gbà

Aṣọ tí mo ti rán tán ń kún ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ni wọ́n kò wá gbà á. Èmi nìkan ni mo ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tí a jọ máa forí korí, ni mo bá gbé ọ̀nà mẹ́ta tí ènìyàn fi ń wá èrò tuntun wò.

Mo kọ́kọ́ ya àwòrán ẹ̀ka èrò: ìṣòro láàárín, ẹ̀ka owó, ẹ̀ka ọjọ́, ẹ̀ka ọ̀nà jíjìn. Ó to ohun tí mo ti mọ̀ jọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kan náà hù lórí ẹ̀ka méjì, mo mọ̀ pé ó ti tán. Ẹni tó dá wà kò ní ẹlòmíràn tó máa fi ẹ̀ka tuntun kún un.

Yíyí ìbéèrè padà ló ṣiṣẹ́ jù. Mo béèrè pé: kí ni mo lè ṣe kí ẹnikẹ́ni má wá gba aṣọ rẹ̀ mọ́? Ìdáhùn ń tú jáde: gba àsansílẹ̀ kékeré, má dá ọjọ́, má pè wọ́n. Mo wá yí ọ̀kọ̀ọ̀kan padà: ìdajì owó kí n tó gé aṣọ, ọjọ́ gbígbà lórí rìsíìtì, ìpè lọ́jọ́ tí aṣọ bá parí. Ṣọ́ọ̀bù ti ń fúyẹ́.

Ti àsopọ̀ tipátipá, ìyẹn síso ọ̀rọ̀ tó ṣèèṣì bọ́ síni lọ́wọ́ mọ́ ìṣòro náà, mo dijú fi ìka lé ìwé atúmọ̀ èdè, ó bọ́ sórí "ọkọ̀". Ọkọ̀ máa ń kó èrò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà mo ń kó aṣọ àdúgbò kan jọ fún ọlọ́kadà kan ní Sátidé. Ẹ má fúnra yín yan ọ̀rọ̀ náà o, ẹ ó kàn mú èyí tó sún mọ́ ohun tí ẹ ti ń rò. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá so nǹkan kan láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ mú òmíràn.