Bí bọ́jẹ́ẹ̀tì wa ṣe wá bá lẹ́jà mu

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta ti lọ nínú ọdún, ni ọ̀gá wa bá yọjú sí mi, wọ́n ní, "Jọ̀ọ́, èló la ti ná lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ báyìí?" Bọ́jẹ́ẹ̀tì ní ìlà kan tó ń jẹ́ "Ìdánilẹ́kọ̀ọ́", 600,000 ló wà níwájú rẹ̀, fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjì lọ́dún. Mo ṣí lẹ́jà, ìwé tí a ń kọ ìnáwó sí lábẹ́ àkáǹtì kọ̀ọ̀kan, kò sí àkáǹtì kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń ṣa rìsíìtì jọ kí n tó fèsì, èsì ọ̀hún pàápàá, ọkàn mi ò balẹ̀ sí i.

Ẹni tó kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì ń ro iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe: ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìbẹ̀wò, ìṣàkóso. Ẹni tó ń kọ lẹ́jà ń wo ohun tí owó rà: ọkọ̀, gbọ̀ngàn, ìwé títẹ̀. Ìnáwó kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò, ṣùgbọ́n ibi tí kálukú dúró sí yàtọ̀. Kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò ju báyìí lọ, mo ti kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe. Mo ní kí wọ́n ṣí àkáǹtì tuntun, 6500, kí wọ́n pè é ní Ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, owó ọkọ̀ àwọn tó wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti pín sí ọ̀nà méjì: àwọn kan wà nínú 6210, ìyẹn ìrìnnà, àwọn kan wà nínú 6500. Mo bi bọ̀dá tó ń kọ lẹ́jà pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Ṣebí owó ọkọ̀ ni, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà sì ni. Èwo lẹ fẹ́ kí n mú?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo pa 6500 dé lọ́jọ́ náà.

Mo wá tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Mo fa gbogbo àkáǹtì ìnáwó jáde, 47 ni wọ́n, mo sì fa gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú wọn láàárín oṣù 12 jáde pẹ̀lú. Orúkọ àkáǹtì nìkan kò tó, nítorí orúkọ máa ń purọ́. Ẹ wo 6150, "Ohun èlò ọ́fíìsì". Nígbà tí mo kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mo rí yíǹkì ìtẹ̀wé, mo rí ọṣẹ àti ìgbálẹ̀, mo sì rí kọ̀ǹpútà àgbéletan kan tó jẹ́ 185,000. Kọ̀ǹpútà yẹn kì í ṣe ìnáwó ọdún kan. Dúkìá ni, àkáǹtì dúkìá ló yẹ kó wà, kí a sì máa kọ díẹ̀díẹ̀ nínú iye rẹ̀ sí ìnáwó ní gbogbo ọdún tí a óò fi lò ó. Bí mo bá ti fi orúkọ so 6150 mọ́ ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì kan láìka inú rẹ̀, ìlà yẹn ì bá ti wú, n ò sì ní mọ ìdí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo mú ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì 19 tí a ní, mo sì ń bi ara mi lórí ìkọ̀ọ̀kan pé: bí rìsíìtì èyí bá dé, àkáǹtì wo ni bọ̀dá yóò kọ ọ́ sí? Àwọn ìlà kan rọrùn. Owó iná mànàmáná nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, àkáǹtì kan ṣoṣo ló bá a mu. Àwọn mìíràn, ìlà kan ni, àkáǹtì mẹ́ta ló wọ inú rẹ̀. Ìyẹn náà kò ṣòro, ẹ kàn máa ro àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni. Wàhálà wà níbi tí àkáǹtì kan ṣoṣo ti ń bọ́ ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì méjì tàbí mẹ́ta. Níbẹ̀, kò sí ọgbọ́n tí a lè fi nọ́ńbà àkáǹtì nìkan dá.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí. Ní ìparí oṣù kẹta, 6210 jẹ́ 214,000. Inú rẹ̀, 96,000 jẹ́ ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, 83,000 jẹ́ ti ìbẹ̀wò síbi iṣẹ́, 35,000 tó kù jẹ́ ti ìṣàkóso. Lẹ́jà ò mọ ìyàtọ̀ yìí. Gbogbo rẹ̀, ìrìnnà ni lójú rẹ̀.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi kóòdù kejì kún un. Kóòdù àkọ́kọ́ sọ ohun tí a rà, ìkejì sọ iṣẹ́ tí a rà á fún. Mo fi 10 fún ìṣàkóso, 20 fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, 30 fún ìbẹ̀wò. Owó ọkọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wá di 6210-20, gbọ̀ngàn di 6320-20, owó olùkọ́ di 6410-20. Mo dìídì fi àyè sílẹ̀ láàárín àwọn nọ́ńbà náà, kí iṣẹ́ tuntun lè ríbi wọlé láìda ètò rú. Kì í ṣe èmi ni mo dá ọgbọ́n yìí. Bí àwọn ìjọba náà ṣe ń pín ìnáwó wọn nìyẹn: wọ́n ní ìpín kan fún irú ìnáwó, bí owó oṣù àti ọjà rírà, wọ́n sì tún ní òmíràn fún iṣẹ́ tí owó náà ṣe, bí ìlera àti ẹ̀kọ́. COFOG ni wọ́n ń pe èyí tó jẹ́ ti iṣẹ́ nínú ètò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìsọ̀rí 10 ló sì ní.

Ó wù mí láti fi kóòdù kẹta kún un, ti ẹni tó ná owó. Mi ò ṣe é. Kóòdù kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi kún un, ẹnì kan ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ lórí gbogbo rìsíìtì, bó bá sì ti pọ̀ jù fún un, nọ́ńbà tó kọ́kọ́ sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀ ni yóò máa tẹ̀.

Nígbà náà ni mo kan 6990, "Oríṣiríṣi". Ẹ má jẹ́ kí n parọ́, mo ti ń sá fún un. Rìsíìtì 58 ló wà níbẹ̀, àpapọ̀ wọn 131,000. Mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó tí báǹkì ń yọ jẹ́ 41,000, àtúnṣe ẹ̀rọ 37,000, owó ìfiránṣẹ́ 18,000. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ń padà wá lóṣooṣù, mo ṣí àkáǹtì fún wọn. 29,000 mìíràn ti ní ilé tẹ́lẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ ló kàn ń kánjú. 6,000 péré ló kù tó jẹ́ oríṣiríṣi lóòótọ́. Òfin tí mo fi lélẹ̀ ni pé ohunkóhun tó bá wọ 6990 lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì tirẹ̀.

Owó adójútòfò fún mi ní ẹ̀fọ́rí tirẹ̀. A san 120,000 ní oṣù kìíní fún odindi ọdún, bọ́jẹ́ẹ̀tì náà sì kọ 120,000 sí oṣù kìíní. Ṣùgbọ́n 10,000 ni lẹ́jà ń kọ sí ìnáwó lóṣù. Èyí tó kù wà nínú àkáǹtì owó tí a san sílẹ̀. Nítorí náà ìròyìn oṣù mẹ́ta fi hàn pé 30,000 la ná nínú 120,000, bí ẹni pé a fi 90,000 pamọ́. A ò fi kọ́bọ̀ pamọ́. Kóòdù ò lè tún èyí ṣe, torí kóòdù bára mu dáadáa. Àsìkò ni kò bára mu. Mo pín ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì yẹn sí oṣù 12, mo sì gbé sísan owó gan-an lọ sí ìwé ètò owó tó ń wọlé tó ń jáde. Owó kọ̀ǹpútà àgbéletan tí mo rí nínú 6150 tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀.

Ìsopọ̀ fúnra rẹ̀, tábìlì kan ni nínú Excel, tí mo pè ní Map. Òpó àkọ́kọ́ ni kóòdù méjèèjì tí mo lẹ̀ pọ̀, ìkejì ni ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì. Lójú ìwé tí mo da lẹ́jà sí, àkáǹtì wà ní A, iṣẹ́ wà ní B, fọ́múlà yìí sì ń wá ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì wọn nínú Map:

```
=IFERROR(VLOOKUP(A2&"-"&B2,Map!A:B,2,FALSE),"KO NILE")
```

Ọ̀rọ̀ "KO NILE" yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Rìsíìtì tí wọn ò fi kóòdù iṣẹ́ sí yóò di "6210-", kò ní rí ilé, ojú yóò sì rí i. Ohun tí fọ́múlà yìí ò lè rí ni kóòdù tó bá wà lẹ́ẹ̀mejì nínú Map: àkọ́kọ́ ni yóò mú, kò sì ní pariwo. COUNTIF, tó ń ka iye ìgbà tí kóòdù kan wà níbẹ̀, ni mo fi ń ṣọ́ ìyẹn.

Mo ro ìnáwó tó bọ́ sórí gbogbo ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì pọ̀, mo rí 1,437,500. Lẹ́jà ní 1,482,500. 45,000 ti sọnù. Mo fa àwọn tó jẹ́ "KO NILE" jáde, àkáǹtì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, 6175, tí bọ̀dá ṣí lọ́sẹ̀ tó kọjá fún owó ètò orí kọ̀ǹpútà tí a ń san lóṣooṣù. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Látìgbà náà, wọn kì í ṣí àkáǹtì tuntun láìkọ ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú Map lọ́jọ́ kan náà, èmi náà kì í sì í fi ìròyìn ránṣẹ́ kí àpapọ̀ méjèèjì tó dọ́gba.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dọ́gba, mo padà sí ìbéèrè ọ̀gá. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan la ti ṣe nínú méjì, 300,000 ló yẹ kó gbà. Ó gba 320,000: ọkọ̀ 96,000, gbọ̀ngàn 75,000, olùkọ́ 60,000, oúnjẹ 48,000, ìwé títẹ̀ 41,000. Ìwé títẹ̀ ló kọjá ètò jù, nítorí 30,000 la yà sọ́tọ̀ fún un. Ọ̀gá wò ó, wọ́n ní, "Ta ló ní kí wọ́n tẹ ìwé tó pọ̀ tó yẹn?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, kò sì kàn mí mọ́.

Ti ọdún tó kọjá ni mi ò rí ṣe. Àwọn rìsíìtì rẹ̀ ò ní kóòdù iṣẹ́, mi ò sì fẹ́ máa méfò èyí tó jẹ́ ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nínú owó ọkọ̀ ọdún kan. Nínú ìròyìn, mo fi òpó "ọdún tó kọjá" sílẹ̀ lófìfo lórí ìlà mẹ́fà, mo sì kọ ìdí rẹ̀ sísàlẹ̀.