Bí agbẹ̀bí ní Àjàṣẹ́ bá ní àwọn máa fi oògùn mú ìrọbí wá

Èdè Yorùbá kì í wọ́n létí ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin, nítorí náà obìnrin tí ó ti Nàìjíríà wá bá ọkọ rẹ̀ lè pẹ́ níbẹ̀ kí ó tó rí i pé èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ̀wé ní ilé ìwòsàn. Níbi ìgbẹ̀bí, tí wọ́n ń pè ní mátẹ̀nítè, agbẹ̀bí lè kọ ọ̀rọ̀ kan sínú kánẹ̀, ìyẹn ìwé ìlera aboyún: dekilanṣimáà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìrọbí kò tíì dé fúnra rẹ̀, àwọn yóò sì mú un wá. Mo ń kọ èyí kí aboyún tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lè mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí i, kí òun àti ẹni tí ó bá tẹ̀lé e sì mọ ewu tí wọn yóò máa ṣọ́.

Ìdí tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé oyún ti kọjá ọjọ́ ìbí. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé kí wọ́n mú ìrọbí wá fún ẹni tí oyún rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 41 gbáko. Nítorí èyí, bí ó bá jẹ́ Nàìjíríà ni ẹ ti ya àwòrán oyún àkọ́kọ́, ẹ mú ìwé rẹ̀ dání wá, torí àwòrán oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó ń sọ ọjọ́ oyún dájú jù. Ẹni tí ó bá ka ọjọ́ ní àṣìṣe lè rò pé oyún ti pẹ́ jù, kí ó sì bí ọmọ tí kò tíì gbó. Bákan náà, ibi tí wọ́n ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ ìbímọ nígbàkígbà nìkan ni ó yẹ kí a ti mú ìrọbí wá. Ní Àjàṣẹ́, ilé ìwòsàn ńlá ti ìpínlẹ̀ ni, kì í ṣe ilé ìlera kékeré àdúgbò.

Kí wọ́n tó yan ọ̀nà, agbẹ̀bí yóò fi ìka yẹ ọrùn ilé-ọmọ wò, yóò sì fún un ní máàkì. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Ẹ́dúwọ́ọ̀dù Bíṣọ́pù ni ó gbé ìdíwọ̀n yìí jáde ní ọdún 1964, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é di òní. Nǹkan márùn-ún ni ó ń wò: bí ọrùn ilé-ọmọ ti ṣí tó, bí ó ti fẹ́lẹ́ tó, bí orí ọmọ ti sọ̀ kalẹ̀ tó, bóyá ọrùn náà le tàbí ó rọ̀, àti bóyá ó kọjú sẹ́yìn tàbí ó ti bọ́ síwájú. Àpapọ̀ máàkì kò lè ju 13 lọ. Bí ó bá tó 8, ilé-ọmọ ti ṣe tán. Bí ó bá jẹ́ 6 tàbí kí ó dín, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mú ọrùn náà rọ̀ kí wọ́n tó fa ìrọbí.

Ẹ jẹ́ kí a fi aboyún kan ṣe àpẹẹrẹ, tí oyún rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 41 àti ọjọ́ mẹ́ta. Ọrùn ilé-ọmọ rẹ̀ ṣí ní sẹ̀ǹtímítà kan, ó gba 1. Ó ti fẹ́lẹ́ díẹ̀, kò sì tíì dé ìdajì, ó gba 1. Orí ọmọ ṣì wà lókè, ṣùgbọ́n ó ti ń bọ̀, ó gba 1. Ọrùn náà kò le jù, kò sì tíì rọ̀, ó gba 1. Ẹ̀yìn ni ó ṣì kọjú sí, kò gba nǹkan kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4. Bí wọ́n bá so omi ọsitósínì, oògùn tí ń mú ilé-ọmọ sún kì, mọ́ ọn lápá lọ́jọ́ náà, ó lè jẹ ìrora títí ilẹ̀ fi ṣú kí ọrùn náà má sì ṣí.

Ohun tí ó tọ́ sí irú rẹ̀ ni rọ́bà tín-ín-rín olórí bàlúùnù, tí wọn yóò tì gba ọrùn ilé-ọmọ kọjá, tí wọn yóò sì fi omi bíi mílílítà 30 sí 60 fẹ́ orí rẹ̀. Kò sí oògùn nínú rẹ̀. Títẹ̀ tí ó ń tẹ ọrùn náà ni ó ń ṣí i. Ọ̀nà kejì ni misopurọ́sítọ́ọ̀lù, oògùn tí ń mú ọrùn ilé-ọmọ rọ̀ tí ó sì ń mú ilé-ọmọ sún kì, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a máa gbé mì ní máíkírógíráàmù 25 ní wákàtí méjì méjì. Àwọn oníṣẹ́ ìlera nìkan ni ó gbọ́dọ̀ wọn ọ́n, nítorí pé hóró tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ 200, ìlọ́po mẹ́jọ ohun tí a nílò, bí a bá sì fi bíléèdì gé e, ẹyọ kan lè pọ̀ ju èkejì lọ. Ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìbímọ fún rí kò gbọ́dọ̀ lò ó rárá, torí ojú àpá náà lè ya.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàlúùnù aboyún wa já bọ́ fúnra rẹ̀. Ọrùn ilé-ọmọ ti ṣí dé sẹ̀ǹtímítà 3, ó ti fẹ́lẹ́ kọjá ìdajì, ó rọ̀, ó sì ti ń bọ́ síwájú. Máàkì rẹ̀ di 8. Ìgbà yìí ni wọ́n so ọsitósínì, ẹyọ 5 nínú omi mílílítà 500, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kán 5 ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì ń fi 5 kún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ara wọn. Ohun tí wọ́n ń lépa ni kí ilé-ọmọ máa sún kì lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ibẹ̀ ni ewu tí mo ń wí wà. Nígbà tí ilé-ọmọ bá sún kì, ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ibi ọmọ máa ń dínkù gan-an. Ìgbà tí ó bá dẹ̀ ni ọmọ ń rí atẹ́gùn gbà padà. Bí ó bá ju ìgbà márùn-ún lọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tàbí tí ìsúnkì kan bá ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ọmọ kò ráyè mí. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ pa, ibi ọmọ lè ya kúrò lára ilé-ọmọ, ilé-ọmọ sì lè fàya. Obìnrin tí ó bá tẹ̀lé aboyún lè ràn án lọ́wọ́: kí ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí òkè ikùn, kí ó máa wo aago, kí ó sì ka iye ìgbà tí ikùn le. Ikùn gbọ́dọ̀ rọ̀ pátápátá láàárín ìkíní sí èkejì. Bí kò bá rọ̀, ẹ pe agbẹ̀bí lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé ìyá ń ṣe ojo.

Nígbà tí ẹ̀kán dé 25, aboyún wa ka mẹ́fà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọkàn ọmọ sì lọ sílẹ̀ sí 95, bẹ́ẹ̀ 110 sí 160 ni ó yẹ kí ó wà. Agbẹ̀bí pa omi náà, ó yí aboyún náà sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó sì pe dókítà. Ọsitósínì kì í pẹ́ lára, nítorí náà ilé-ọmọ dẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọkàn ọmọ padà sí 140, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ omi náà ní ìwọ̀n tí ó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Bí kò bá padà, wọn ì bá fún un ní abẹ́rẹ́ tí ń mú ilé-ọmọ dẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ.

Misopurọ́sítọ́ọ̀lù tí a ti gbé mì kò ṣe é pa bí omi. Bí ẹ bá ti mu àgbo amúniyára-bí tàbí tí ẹ ti lo hóró tí ẹnìkan rà fún yín ní ọjà, ẹ sọ fún agbẹ̀bí kí ó tó so ohunkóhun mọ́ yín, ẹ sọ wákàtí tí ẹ lò ó, ẹ sì fi àpá iṣẹ́ abẹ àtijọ́ hàn án bí ó bá wà. Lẹ́yìn misopurọ́sítọ́ọ̀lù, wákàtí mélòó kan gbọ́dọ̀ kọjá kí ọsitósínì tó tẹ̀lé e, bí kò ṣe bẹ́ẹ̀ méjèèjì yóò para pọ̀ nínú ilé-ọmọ kan ṣoṣo.