Ṣáájìbáákì Lórí Owó Tẹ́tẹ́: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Mú Kí Wọ́n Ti Àkáǹtì Pa

Ní Bìrìtéènì, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí fóònù ló ti gbọ́ pé báńkì lè fa owó tí a fi káàdì san padà lọ́wọ́ ẹni tó gbà á. Ṣáájìbáákì ni wọ́n ń pe ètò yìí. Kì í ṣe irọ́, ètò náà wà, ó sì wúlò fún ẹni tó ra bàtà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí bàtà kò dé. Káàdì débíìtì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé níhìn-ín, torí láti ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2020 ni wọn kò ti gbà kí àwọn ilé tẹ́tẹ́ ibẹ̀ gba káàdì kírẹ́díìtì mọ́.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kéèyàn rò pé pípàdánù jẹ́ ìdí tó tó láti béèrè owó padà. Bí o bá pe báńkì, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi ọ́ ni ìdí. Àwọn ìdí tí Visa àti Mastercard gbà ní ààlà, lára wọn ni: pé olè ló lo káàdì, pé ohun tí o sanwó fún kò dé ọwọ́ rẹ, pé wọ́n yọ owó lẹ́ẹ̀mejì tàbí pé iye tí wọ́n yọ kọjá ohun tí o fọwọ́ sí. Ní ti tẹ́tẹ́, gbàrà tí £50 tí o san bá ti hàn lórí àkáǹtì tẹ́tẹ́ rẹ ni ohun tí o rà ti dé ọwọ́ rẹ. Ohun tí o wá fi £50 náà ṣe lẹ́yìn náà kò kan ètò káàdì. Ìdí nìyí tí ẹni tó pàdánù fi ń rí i pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù fún òun, ìyẹn ni pé kó sọ fún báńkì pé “èmi kọ́ ni.” Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ owó lo ń ṣe mọ́. Ẹ̀sùn olè lo fi kàn, o sì mọ̀ pé kò sí olè kankan.

Ẹ jẹ́ ká wo bí irú rẹ̀ ṣe máa ń lọ. Ẹnì kan fi £50 sínú àkáǹtì tẹ́tẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, ó di £150. Nígbà kọ̀ọ̀kan, áàpù báńkì rẹ̀ béèrè bóyá òun ló ń sanwó, ó sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ta á, ó pàdánù £70, £80 ṣì kù lórí àkáǹtì. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ó pe báńkì pé òun kò mọ ohunkóhun nípa owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òfin ní kí báńkì dá owó tí oníbàárà kò fọwọ́ sí padà kó tó di òpin ọjọ́ iṣẹ́ kejì, àyàfi tí báńkì bá ní ìdí láti fura, nítorí náà £150 padà wọlé kíákíá. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni.

Ilé tẹ́tẹ́ náà, lójú ẹsẹ̀ tí ìròyìn bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò ti àkáǹtì pa. £80 tó kù dúró síbẹ̀, tẹ́tẹ́ tí kò tíì parí dúró síbẹ̀, kò sì sí owó tó lè jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá kó ẹ̀rí jọ. Ìwé ìdánimọ̀ tí onítọ̀hún fi ṣí àkáǹtì wà lọ́wọ́ wọn, àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ wà níbẹ̀, fóònù kan náà ló sì ń fi wọlé láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ̀rí tó máa ń pa ẹjọ́ jù ni owó tó ti jẹ tẹ́lẹ̀. Bí àwọn ilé tẹ́tẹ́ ṣe máa ń ṣe é ni pé inú káàdì tó sanwó wọlé ni wọ́n ń san owó tẹ́tẹ́ jáde sí. Tó bá jẹ́ pé £200 tó jẹ lóṣù tó kọjá wọ inú káàdì kan náà, tí kò sì dá a padà, olè wo ló ń ta tẹ́tẹ́ kó lè san èrè fún ẹni tó jí káàdì rẹ̀?

Àṣìṣe kejì wá wà níbí, òun ni àwọn èèyàn kì í sábà mọ̀. Wọ́n rò pé ilé tẹ́tẹ́ ni yóò jẹ gbèsè, báńkì kò sì ní bìkítà. Ṣùgbọ́n tí ìsanwó bá ti gba áàpù báńkì kọjá, tí oníbàárà fi ìka tàbí kóòdù fọwọ́ sí i, ètò káàdì máa ń gbé àdánù ẹ̀sùn olè sórí báńkì tó fún un ní káàdì. Báńkì rẹ gan-an ló ń pàdánù, nítorí náà òun ni yóò tú ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì mọ fóònù tí ìka náà tẹ̀. Tó bá rí i pé irọ́ ni, yóò gba £150 rẹ̀ padà, ó sì lè ti àkáǹtì owó oṣù rẹ pa pẹ̀lú. Ó tún lè kọ orúkọ rẹ sínú àkọsílẹ̀ àwọn oníjìbìtì tí Cifas ń tọ́jú, níbi tí àwọn báńkì mìíràn ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, ó sì máa ń ṣòro fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ láti ṣí àkáǹtì tàbí láti yá owó ra ilé. Gbogbo èyí lórí £70.

Má sì rò pé wàá kàn sún lọ sí ìkànnì mìíràn. Ilé-iṣẹ́ kan lè ní orúkọ ìkànnì tó pọ̀ lábẹ́ ìwé àṣẹ kan ṣoṣo, tí wọ́n bá sì tì ọ́ mọ́ta ní ọ̀kan, wọ́n lè tì ọ́ mọ́ta ní gbogbo wọn. Bí o bá san gbèsè náà padà, ìyẹn kò ní kí wọ́n ṣí àkáǹtì fún ọ.

Nígbà tí ẹ̀sùn bá jẹ́ òótọ́

Tí olè bá lo káàdì rẹ lóòótọ́, pe báńkì lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n ti káàdì náà pa, má sì dúró láti rí i bóyá olè náà yóò jẹ. Tí owó bá kúrò ní báńkì tí kò dé orí àkáǹtì tẹ́tẹ́, ilé tẹ́tẹ́ ni kí o kọ̀wé sí ná. Fi ọjọ́, wákàtí, iye owó àti nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lórí káàdì ránṣẹ́, pẹ̀lú àwòrán ojú ìwé báńkì rẹ. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí ẹ kò fẹnu kò, gbé e lọ síwájú onídàájọ́ tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, èyí tí ilé tẹ́tẹ́ náà kọ orúkọ rẹ̀ sínú òfin rẹ̀. IBAS ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, kò sì ní gba owó lọ́wọ́ rẹ.

Ọ̀nà kan náà ni fún ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ ní GAMSTOP láti dá ara rẹ̀ dúró nínú tẹ́tẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ilé tẹ́tẹ́ sì tún gbà á láàyè. Ọjọ́ tó forúkọ sílẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀, ẹ̀rí tó lágbára sì ni. Bó bá lọ sọ fún báńkì pé “èmi kọ́ ni,” ẹjọ́ tó lè jàre ni ó fi irọ́ bà jẹ́. Ẹni tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ tó sì rí i pé ọwọ́ òun kò gbà á mọ́, ó lè yan oṣù mẹ́fà, ọdún kan tàbí ọdún márùn-ún níbẹ̀, ó sì lè pe nọ́ńbà ìrànwọ́ fún àwọn tí tẹ́tẹ́ ń yọ lẹ́nu, 0808 8020 133, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 tó mú káàdì òbí rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ìwé àṣẹ ilé tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dá owó tí ọmọdé fi ta tẹ́tẹ́ padà. Kọ̀wé sí wọn, sọ ọjọ́ orí ọmọ náà bó ṣe rí, fi ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ há a, kí o sì dúró de èsì wọn kí o tó gbé ọ̀rọ̀ lọ sí báńkì.