Wákàtí mẹ́wàá ní èbúté: bí mo ṣe yan ohun tí a lọ wò àti ohun tí a fò

Wákàtí mẹ́wàá ni wọ́n kọ síwájú orúkọ Livorno, èbúté kan ní Ítálì, nínú ìwé ìrìn àjò ojú omi wa. Ọkọ̀ á gúnlẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, á sì ṣí ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí a jọ ń lọ kà á, inú wọn dùn. Wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé o rí i? A ó lọ Florence, a ó sì yà ní Pisa bí a bá ń bọ̀." Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí a gbéra nígbà náà.

Barcelona ni ọkọ̀ náà ti máa gbéra ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Àìkú, a ó dé Villefranche ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ọjọ́ Ajé ni Livorno, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Civitavecchia tí àwọn tó ń lọ Róòmù ń gbà, Ọjọ́rú sì ni Naples. Orúkọ ọjọ́ ni mo kọ́kọ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ èbúté kọ̀ọ̀kan, kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ítálì ló ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí wọn kì í ṣí. Ẹ wo ohun tó jáde: ní Florence, Uffizi àti Accademia, níbi tí ère Dáfídì tí Michelangelo gbẹ́ wà, kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé gan-an ni a ó sì dé Livorno. Ohun méjì tí ẹ̀gbọ́n mi tìtorí rẹ̀ fẹ́ dé Florence ti bọ́ kúrò nílẹ̀ nìyẹn.

Síbẹ̀ wọn ò tíì gbà. Wọ́n ní a ṣì lè wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ibẹ̀ àti afárá àtijọ́ orí odò. Ni mo bá jókòó ti ìṣirò.

Ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Bí ọkọ̀ bá máa ṣí ní aago mẹ́fà, kì í ṣe aago mẹ́fà ni èrò gbọ́dọ̀ dé. Tiwa ní kí gbogbo èèyàn ti wà nínú ọkọ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀, àwọn ọkọ̀ mìíràn sì máa ń béèrè odidi wákàtí kan ṣáájú. Mo tún yọ wákàtí kan kúrò nínú ìyẹn fún ara mi, ó di aago mẹ́rin ààbọ̀. Ní Livorno, wọn kì í jẹ́ kí èrò fi ẹsẹ̀ rìn láàárín àwọn kọ̀ńténà tó wà ní èbúté. Bọ́ọ̀sì ló ń gbé èèyàn dé àárín ìlú, láti ibẹ̀ ni èèyàn á tún ti wọ bọ́ọ̀sì mìíràn tàbí takisí lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, Livorno Centrale. Mo fún gbogbo èyí ní àádọ́ta ìṣẹ́jú. Ó túmọ̀ sí pé a gbọ́dọ̀ ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Livorno ní aago 3:40. Florence sí Livorno tó wákàtí kan ààbọ̀, nítorí náà aago 2:10 ni a gbọ́dọ̀ ti kúrò ní Florence.

Mo wá ka ti òwúrọ̀. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ ní aago mẹ́jọ, àwọn aláṣẹ ìlú ní láti fọwọ́ sí i kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, gbogbo èrò á sì rọ́ sí ẹnu ọ̀nà kan náà. Mo fi í sí 8:45. Bọ́ọ̀sì méjì tẹ̀ lé e, ó di 9:45 ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ká tilẹ̀ ní a bá ọkọ̀ tó ń lọ lójú ẹsẹ̀, 11:15 ni a ó tẹ Florence. Láti 11:15 sí 2:10 kò pé wákàtí mẹ́ta, àti ìrìn ẹsẹ̀ láti ibùdókọ̀ dé ìdí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, àlọ àti àbọ̀, wà nínú rẹ̀. Wákàtí mẹ́wàá ti di méjì ààbọ̀! Orúnkún ẹ̀gbọ́n mi kò sì gba kí a máa sáré.

Pisa yàtọ̀ pátápátá. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ ojú irin ń lò láti Livorno débẹ̀, ọkọ̀ tó ń lọ sì máa ń pọ̀. Pẹ̀lú ìdúró, mo fi 10:45 sí ìgbà tí a ó dé gbàgede tí ilé gogoro tó tẹ̀ yẹn wà. Bí a bá kúrò níbẹ̀ ní 2:40, a ó wọ ọkọ̀ aago 3:15. Nǹkan bí wákàtí mẹ́rin ni a ó fi wà ní ojú kan ṣoṣo. Ohun tó sì jẹ mí lógún jù ni pé, bí ọkọ̀ kan bá kọ̀ láti wá, òmíràn á ṣì tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi wo bébà náà títí, wọ́n ní, "Ó dáa. Pisa ni ká lọ."

Nǹkan kan tún wà tí mo ṣọ́ra fún. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Ítálì máa ń daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì máa ń kéde ọjọ́ rẹ̀ ṣáájú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń kọ ni `sciopero`. Bí ìdaṣẹ́sílẹ̀ bá bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́, òfin ní kí àwọn ọkọ̀ agbègbè kan ṣì máa rìn láti aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án àárọ̀, àti láti mẹ́fà sí mẹ́sàn-án alẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi èyí tu ara wọn nínú. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa: ti òwúrọ̀ lè gbé yín jìnnà sí èbúté, ti alẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ yín ti ń ṣí. Bí mo bá rí ọ̀rọ̀ yẹn lára ọjọ́ wa, inú Livorno ni à bá jókòó sí. A ò rí i.

Ọjọ́ Àìkú ni a kọ́kọ́ dán ètò wa wò. Ní Villefranche, ọkọ̀ ńlá kì í sún mọ́ etíkun. Ó máa ń dúró lójú omi ni, tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké á máa kó èrò lọ sílẹ̀. Wọ́n máa ń pín nọ́ńbà, àwọn tó sì ra ìrìn àjò lọ́wọ́ ọkọ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ. Bí ìgbì bá le, ọ̀gákọ̀ lè fagi lé gbogbo rẹ̀. Nítorí èyí, n kì í sanwó sílẹ̀ fún ohunkóhun tí wọn kò ní dá owó rẹ̀ padà ní irú èbúté bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ìgbì dá wa dúró fún wákàtí méjì. Àwọn tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ohun tí wọ́n fẹ́ wò ní Monaco ń wo aago ṣáá. Àwa kò ní ibì kankan láti sáré lọ, nítorí inú Villefranche fúnra rẹ̀ ni a ti pinnu láti wà. Ilé ìsìn kékeré San Pétérù wà létí omi níbẹ̀, Jean Cocteau ló kun inú rẹ̀ ní 1957. Lẹ́yìn rẹ̀, a rin òpópónà kan tí wọ́n kọ́lé bò lókè, Rue Obscure, tó ti wà láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá. Ojú ọ̀nà rẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì tutù nini.

Ní Pisa, mo fi gígun ilé gogoro náà sílẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní wákàtí tirẹ̀, bí ọkọ̀ ojú irin bá sì pẹ́, owó náà ti wọgbó. Ìta ni ẹwà rẹ̀ wà lójú tèmi. 1173 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, kò sì tíì ga púpọ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ ọ gbìyànjú láti fi àwọn àjà òkè tún un ṣe, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí ẹ bá wò ó pẹ́, ẹ ó rí i pé ó tẹ̀ díẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ya fọ́tò tán, wọ́n sì lọ. Àwa wọ ilé ìrìbọmi tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òṣìṣẹ́ kan máa ń dúró sí àárín rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, á pariwo orin gbọọrọ kan, òrùlé á dá a padà, á sì tún fi òmíràn lé e títí ohùn kan ṣoṣo á fi dà bí ti akọrin púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, omijé bọ́ lójú wọn. Wọ́n dúró de ẹ̀ẹ̀kejì. Wákàtí mẹ́rin ló jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe.

Ọkọ̀ aago 3:15 pẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó wọ inú wákàtí tí mo yọ sọ́tọ̀, kò sì jẹ ẹ́ tán. Aago 4:55 ni a wọ ọkọ̀ ojú omi.

Fún Róòmù, bọ́ọ̀sì tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣètò ni a wọ̀, nítorí ó lé ní àádọ́rin kìlómítà láti Civitavecchia, àti nítorí pé bí bọ́ọ̀sì wọn bá pẹ́, ọkọ̀ ni yóò wá ojútùú sí i. Ẹni tó dá lọ tó sì pẹ́ dé ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀, á sì fi owó ara rẹ̀ bá ọkọ̀ ní èbúté tó kàn. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá San Pétérù nìkan la wò ní Róòmù. A ò dé Kolosíọ̀mù, a ò wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Fatikáànì, n kò sì kábàámọ̀.

Naples ló yà wá. Èbúté rẹ̀ wà láàárín ìlú, takisí ò pẹ́ dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ibẹ̀, tí kì í ṣí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣùgbọ́n tó ṣí ní Ọjọ́rú. Èmi fẹ́ dé Pompeii, ìlú tí eérú òkè Vesuvius bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79. Òkúta ojú ọ̀nà ibẹ̀ ga sílẹ̀ ga lókè, orúnkún ẹ̀gbọ́n mi kò lè gbà á. Wọ́n ní, "Máa lọ, èmi á wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé." Ilé kan wà ní Pompeii tí wọ́n gbé ère idẹ kékeré kan sí agbàlá rẹ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń jó, tó nawọ́ méjèèjì sókè. Mo ya fọ́tò rẹ̀. Lálẹ́, nígbà tí mo fi han ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n yọ fóònù tiwọn jáde, ère yẹn náà ló wà níbẹ̀. Ti Pompeii jẹ́ àwòṣe. Ojúlówó ni àwọn ti dúró níwájú rẹ̀ ní Naples.