Bí a ṣe ń kọ lẹ́tà sí àwọn ẹbí lórí ilẹ̀ ogún tí a fẹ́ tà

Mo ti rí lẹ́tà mẹ́ta tó da ẹbí rú lórí ilẹ̀ ogún, kò sì sí èébú kankan nínú wọn. Ohun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ: oníbàárà ti wà nílẹ̀, iye báyìí ló fẹ́ san, ẹ wá fọwọ́ sí i. Ẹni tó kọ ọ́ rò pé òun bá wọn gbé ẹrù kúrò lórí ni. Àwọn tó gbà á sì kà á sí pé wọ́n ti ta ilẹ̀ bàbá àwọn lẹ́yìn àwọn. Ìdí nìyí tí lẹ́tà àkọ́kọ́ kò fi gbọdọ̀ ní orúkọ oníbàárà tàbí iye tí wọ́n fẹ́ tà á nínú. Ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ìnáwó tó ti ṣẹlẹ̀ ni kó ṣáájú.

Kọ́kọ́ kó ìwé jọ. Wo orúkọ ẹni tó wà lórí ìwé ilẹ̀. Bó bá ṣì jẹ́ orúkọ olóògbé, ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ kò tíì lè tà á fún ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi gba ìwé àṣẹ láti ṣàkóso ogún náà, lọ́yà ni yóò sì sọ ibi tí ẹ ó ti gbà á. Wá ìwé tí àwọn awọnlẹ̀ yà jáde, àti risíìtì owó orí ilẹ̀. Mo máa ń tẹ́ risíìtì lé tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án, màá sì fi fóònù yà á níkọ̀ọ̀kan. Ó mọ́ tó, kò sí ìdí láti sanwó fún ẹni tó ní ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn èyí, kọ orúkọ gbogbo ajogún, títí kan ẹni tí ẹ kò bá sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ọmọdé bá wà nínú wọn, kọ orúkọ alágbàtọ́ rẹ̀ sí i, kí o sì béèrè lọ́wọ́ lọ́yà bóyá ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó ta ìpín ọmọ náà.

Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣìṣe ló kàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀ka-ẹ̀ka ni ọ̀pọ̀ òfin ogún fi ń pín in, wọn kì í ka orí àwọn tó wà láàyè lónìí. Ká ní bàbá kan fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ mẹ́ta lọ́gbọọgba. Ẹ̀gbọ́n wà láàyè, àbúrò pátápátá wà láàyè, èyí tó wà láàárín ti kú, ó sì fi ọmọ méjì sílẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin ló kù, àwọn tó máa ń kánjú yóò sì pín in sọ́nà mẹ́rin. Ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìdá mẹ́fà ni kí o pín in sí: ẹ̀gbọ́n gba méjì, àbúrò gba méjì, ọmọ olóògbé kọ̀ọ̀kan gba ẹyọ kan. Bí ìwé ìhágún bá wà, tàbí tí òfin ibi tí ilẹ̀ wà bá sọ ohun mìíràn, ìyẹn ni kí o tẹ̀ lé.

Ìnáwó ló tún ń dá wàhálà sílẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ yìí kan náà, àbúrò ti ń san owó orí ilẹ̀ láti ọdún púpọ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 36. Ẹ̀gbọ́n fi ilẹ̀ náà yá alágbàṣe kan, ó sì ti gba 24. Ká ní wọ́n wá tà á ní 600, tí owó lọ́yà àti awọnlẹ̀ kó 30, ó ku 570. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé kí wọ́n pín 570 náà bẹ́ẹ̀, kí àbúrò wá máa kùn títí ayé. Ṣe é báyìí: fi 24 tí ẹ̀gbọ́n ti gbà kún 570, yọ 36 àbúrò kúrò, yóò ku 558. Pín in sí mẹ́fà, ìdá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 93. Ẹ̀gbọ́n tó ní ìdá méjì yẹ kó gba 186, ṣùgbọ́n 24 ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà 162 ni yóò gbà. Àbúrò gba 186 pẹ̀lú 36 tirẹ̀, ó di 222. Àwọn ọmọ méjì gba 93, 93. Ro ó pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i: 570 gan-an ni kó jẹ́. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àṣìṣe kan wà níbì kan. Ìwé ìṣirò alápòótí kéékèèké tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò ni mo fi ń ṣe é, kí iye má baà kúrò lábẹ́ ara wọn.

Ẹni tó mọ ọgbà yí ilẹ̀ ká láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ńkọ́? Má fi gbogbo owó tó ná sí ìṣirò bí ẹni pé ẹbí jẹ ẹ́ ní gbèsè. Iye tí ọgbà náà fi kún iye ilẹ̀ ni kí ẹ jíròrò lé lórí, ó sì lè kéré gan-an sí ohun tó ná.

Nígbà tí ìṣirò ìpín àti ìnáwó bá ti dúró, láì tíì fi iye títà kankan sí i, kọ lẹ́tà. Lẹ́tà kan náà, ọjọ́ kan náà, fún gbogbo wọn. Má sọ ọ́ sí inú ẹgbẹ́ Wásáàpù, má sì fi ohùn ránṣẹ́, torí ẹni kan yóò dáhùn kí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ tán. Bí àgbàlagbà kan kò bá lè kàwé, ẹ lọ kà á sí i létí, kí ẹ sì fi ẹ̀dà tirẹ̀ sílẹ̀. Báyìí ni mo ṣe máa ń kọ àárín rẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Ìwé tí mo kó jọ àti bí mo ṣe ro ìpín wa wà nínú lẹ́tà yìí. Mi ò tíì bá oníbàárà kankan sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó bóyá mo ṣìṣe, kí ẹ sì sọ fún mi bóyá ẹ fẹ́ kí a di ilẹ̀ náà mú, kí a fi odi pín in, kí ọ̀kan nínú wa ra ìpín àwọn yòókù, tàbí kí a tà á. Bí ẹ kò bá fèsì, mi ò ní kà á sí pé ẹ ti gbà."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì. Àìfèsì kì í ṣe àdéhùn, ẹni tó bá tà á lórí ìyẹn lè rí i kí ẹjọ́ dá títà náà dúró.

Fún wọn ní ọjọ́ 45. Mo mú un láti inú òfin àpẹẹrẹ tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2010 lórí ilẹ̀ ogún. Níbẹ̀, bí ajogún kan bá gba ilé ẹjọ́ lọ pé kí wọ́n ta ilẹ̀, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ bá ti díyelé e, ó ń fún àwọn ajogún yòókù ní ọjọ́ 45 láti sọ bóyá wọ́n fẹ́ ra ìpín ẹni tó fẹ́ tà. Ọ̀sẹ̀ kan kéré jù: ẹni tó wà lókè òkun nílò àkókò láti wá lọ́yà tirẹ̀.

Ìgbà tí gbogbo wọn bá fèsì ni ọ̀rọ̀ iye owó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹ pe ẹni méjì tó ń díyelé ilẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má mọ ara wọn, kí ẹbí má sì yan èyíkéyìí nínú wọn láti inú àwọn ọ̀rẹ́ oníbàárà. Bí iye wọn bá jìnnà síra gan-an, ẹ béèrè ìdí kí ẹ tó mú iye tó wà láàárín méjèèjì. Ẹ fi iye náà lọ mọ̀lẹ́bí kí ẹ tó fi lọ ará ìta.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá sanwó, kó má bọ́ sí àpò ẹnikẹ́ni nínú yín. Àkáùǹtì tí lọ́yà fi ń tọ́jú owó àwọn tó gbà á síṣẹ́ ni kó lọ, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìpín 162, 222, 93 àti 93 náà tí gbogbo yín ti fọwọ́ sí, kó lè san án fún olúkúlùkù láti ibẹ̀.