Tòmátì Ìgbà Ọ̀pọ̀: Èyí Tó Yẹ Kí Ẹ Rà Jọ Àti Èyí Tí Kò Yẹ

Ní oṣù Kejì, àwọn ìyá mẹ́fà kan dáwó jọ, wọ́n ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì ńlá méjì nítorí pé ó pọ̀ lọ́jà. Wọ́n gbé e sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná di ọjọ́ kẹta. Kí wọ́n tó tú u, omi ti ń ro láti ìdí apẹ̀rẹ̀, èyí tó ṣeé jẹ kò sì tó ìdajì mọ́. Ọdọọdún là ń rí èyí. Ẹni tó ń rajà á wo owó apẹ̀rẹ̀ nìkan, kò ní wo iye tí yóò dé inú ìkòkò.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun jọ, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì. Ṣé owó rẹ̀ nígbà ọ̀wọ́n jìnnà gan-an sí ti ìsinsìnyí? Ṣé mo lè tọ́jú rẹ̀ di ìgbà náà? Tòmátì, tàtàṣé àti ata rodo yege méjèèjì. Àgbálùmọ̀ àti kùkúńbà kò yege èkejì, nítorí náà ẹ ra ìwọ̀n tí ẹ máa jẹ tán, kí ẹ sì jẹ ẹ́ ní ìgbà rẹ̀. Ní ti máńgòrò tó yọjú ṣáájú ìgbà, tó pọ́n ròrò lẹ́yìn àmọ́ tó le, tó sì kan nínú, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ jẹ́ ká dúró ti tòmátì. Èyí tó ń kún ọjà wa láti oṣù Kínní títí di ìparí oṣù Kẹta, omi odò ni wọ́n fi ń bomi rin ín ní Kánò, Kàdúná àti Kàtsínà. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tiwọn á tán, tiwa níbí kò sì tíì pọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń wọ́n láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Keje. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, kòkòrò Túta tún ba oko Kàdúná jẹ́, ọ̀wọ́n yẹn sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ọ̀wọ́n oṣù mẹ́ta jẹ́ ọ̀sẹ̀ 13. Bí ìkòkò ọbẹ̀ yín bá ń gba kílò kan lọ́sẹ̀, kílò 13 tó dára lẹ nílò, ẹ ra 16, nítorí pé díẹ̀ yóò bàjẹ́. Kí a sọ pé kílò kan jẹ́ ₦600, owó yín di ₦9,600. Ẹ fi gáàsì ₦2,000 kún un, ó di ₦11,600. Bí kílò 13 bá dára, ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ́ sí nǹkan bíi ₦892. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ kí ó rà títí tó fi ku kílò 8, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti di ₦1,450, èrè sì ti dín kù gan-an. Ẹ fi iye ọjà yín rọ́pò tèmi, kí ẹ ṣírò rẹ̀ ṣáájú kí ẹ tó gbé apẹ̀rẹ̀.

Ẹ tú u sórí ẹní ní ọjọ́ tí ẹ rà á. Mo tún un sọ: ní ọjọ́ náà gan-an! Ẹ ya èyí tó rọ̀ sọ́tọ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Èyí tó bá hu olú funfun, ẹ sọ ọ́ nù pátápátá, ẹ má gé ibẹ̀ kúrò. Ẹ se èyí tí ẹ lọ láìsí epo àti iyọ̀ títí yóò fi ku ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan. Bí ẹ bá fi ṣíbí wọ́ ìdí ìkòkò, tí ipa rẹ̀ kò tètè padé, ó ti tó. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ dì í sínú ọ̀rá pẹlẹbẹ, ti ìkòkò kan lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó kó o sínú fírísà.

Àwọn kan ń da epo lé e lórí nínú ìgò, wọ́n á gbé e sórí ṣẹ́ẹ̀fù. Epo kò lè rọ́pò òtútù. Májèlé tó lè pani lè wà nínú rẹ̀ láìsí òórùn kankan.

Ẹni tí iná mànàmáná rẹ̀ kò dúró, kó sá a ni. Ẹ gé e tó ìlàjì ìka ní nínípọn, ẹ tẹ́ ẹ sórí nẹ́ẹ̀tì tó ga kúrò nílẹ̀, ẹ máa kó o wọlé lálẹ́. Kílò kan kì í mú ju ẹ̀kúnwọ́ kan tàbí méjì lọ. Ọyẹ́ ló ń gbẹ ẹ dáadáa, nítorí náà oṣù Kínní ni kí àwọn tí kò ní fírísà rà á. Bí wọ́n bá dúró de oṣù Kẹta, ọ̀rinrin ti dé, yóò hu olú kó tó gbẹ.