Fọ́ngọ́ọ̀sì èékánná ẹsẹ̀: bí a ṣe ń wò ó, àti ìdí tí ojú èékánná kì í fi í tètè mọ́

Ẹ má tíì ra oògùn. Èékánná ẹsẹ̀ tó nípọn, tó pupa rúsúrúsú, tó ń fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́nu, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni fọ́ngọ́ọ̀sì. Tí a bá kó irú èékánná bẹ́ẹ̀ méjì jọ, ọ̀kan lè má ní fọ́ngọ́ọ̀sì rárá: bàtà tó ń há a ni, tàbí nǹkan wúwo tó já lé e nígbà kan. Oògùn fọ́ngọ́ọ̀sì ò lè ṣe ìyẹn ní nǹkan kan.

Nítorí náà, láàbù ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò kí ẹ tó lọ. Wọ́n á gé díẹ̀ lára èékánná náà, wọ́n á sì ha ìdọ̀tí abẹ́ rẹ̀, níbi tí èyí tó bàjẹ́ ti pàdé èyí tó dáa. Èyí tí wọ́n fi awò wò máa ń tètè jáde. Èyí tí wọ́n ń jẹ́ kí fọ́ngọ́ọ̀sì inú rẹ̀ hù ní láàbù lè gbà tó oṣù kan.

Tó bá jẹ́ fọ́ngọ́ọ̀sì lóòótọ́, oògùn tí dókítà sábà ń kọ ni tẹ́bínáfíìnì oní mílígíráàmù 250: ẹyọ kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12, ìyẹn ẹyọ 84. Tí wọ́n bá fẹ́ fi kẹtokónásóòlù oníhóró rọ́pò rẹ̀ fún yín ní kẹ́mísìtì, ẹ má gbà á. Ìyẹn kì í ṣe oògùn èékánná mọ́, ewu rẹ̀ fún ẹ̀dọ̀ sì pọ̀.

Tẹ́bínáfíìnì fúnra rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, ó lè le gan-an, kódà lára ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti ẹ̀dọ̀ kí ẹ tó lo ẹyọ àkọ́kọ́. ALT, èròjà kan tó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí nǹkan bá ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ni dókítà máa kọ́kọ́ wò nínú èsì rẹ̀. Ẹni tó bá ní àrùn ẹ̀dọ̀ kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ọ̀pọ̀ dókítà tún máa ń ní kí ẹ padà wá ṣe é ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ní Ìbàdàn wa yìí, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí àti páráága ò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Tèmi ni pé kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún gbogbo oṣù mẹ́ta náà, torí tí ALT bá ga, ta ló máa mọ èyí tó fà á nínú wọn?

Láàárín àyẹ̀wò kan sí èkejì, ẹ máa ṣọ́ ara yín. Tí èébì bá ń gbé yín, tí oúnjẹ ò wù yín jẹ mọ́, tí abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ń dùn yín, tí ìtọ̀ dúdú bíi kóòkì, tàbí tí ẹyin ojú di yẹ́lò, ẹ dá oògùn náà dúró lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì lọ sí ọsibítù. Ẹ má pè é ní ibà, kí ẹ tún wá lọ ra oògùn ibà lé e.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí. Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta ẹja ní Bódìjà, tí omi kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó mìlímítà 15, márùn-ún péré ló dáa nídìí. Nǹkan bíi mìlímítà kan ni èékánná yìí ń hù lóṣù. Lọ́jọ́ tí oògùn bá tán, mìlímítà mẹ́jọ ló máa dáa, méje ṣì máa burú. Ìyá á ní oògùn ò ṣiṣẹ́, á fẹ́ ra òmíràn. Bẹ́ẹ̀ oògùn náà ṣì wà nínú èékánná, á sì wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Nǹkan bí oṣù mẹ́wàá látìbẹ̀rẹ̀ ló máa tó kí èyí tó bàjẹ́ gé tán. Tó bá jẹ́ látìdí ló ti bàjẹ́, ó lè lé lọ́dún kan.

Kí ẹ má baà máa méfò, ẹ fi fáìlì èékánná fa ilà fẹ́ẹ́rẹ́ síbi tí èyí tó bàjẹ́ ti pàdé èyí tó dáa lọ́jọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ilà yẹn á máa bá èékánná lọ síwájú. Tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń mọ́, oògùn ń ṣiṣẹ́. Tí ìbàjẹ́ bá kọjá ilà wá sọ́nà ìdí, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà.

Ṣé ó máa ń lọ pátápátá? Nínú ìwádìí tí wọ́n fi gba ìwé àṣẹ oògùn yìí, nǹkan bí èèyàn méje nínú mẹ́wàá ni láàbù ò rí fọ́ngọ́ọ̀sì lára wọn mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ojú èékánná wọn tún mọ́ kedere ò ju bíi mẹ́rin lọ. Èékánná tí ìdí rẹ̀ ti bàjẹ́ pẹ́ lè máà tọ́ mọ́ láé, bí fọ́ngọ́ọ̀sì tilẹ̀ ti kú. Ó sì tún lè padà, pàápàá tí àárín ọmọ ìka bá ṣì ń yún yín tí ẹ ò fi ìpara wò ó, tàbí tí ẹ bá ṣì ń na ẹsẹ̀ sí àwọn Hausa tó ń gé èékánná kiri, tó jẹ́ sísọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n fi ń gé ti gbogbo àdúgbò.

Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò gba tẹ́bínáfíìnì lè lo síkílópírọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń kùn bíi kútẹ́ẹ̀sì lójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọdún kan. Àwọn tó ń fi í rí ìwòsàn pátápátá ò tó ẹyọ kan nínú mẹ́wàá. Tí èékánná ò bá dùn yín, tí ẹ ò sì ní àtọ̀gbẹ, kò burú kí ẹ kàn máa gé e mọ́lẹ̀, kí ẹ fi oògùn sílẹ̀.